Nígbà tí Iná Lọ ní Òkèrèwè

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, a wà níbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí iná lọ. Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ lójijì, ṣùgbọ́n àwọn akọrin ń bá orin wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, wọ́n fa àmín gùn, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì parọ́rọ́ bí omi inú àwo tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Kò pẹ́ tí iná fi dé. Atẹdùùrù tẹ àmín kan náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn kan ní akọrin ti já ohùn sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nítorí akọrin tó bá ti rẹ̀ máa ń já. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń dún nígbà tí a gbọ́ ìgbọ̀nrìrì náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi dóò sí ibi tí ó ti ń gbọ̀n ní ìgbà 220 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Mí tí ó bá a mu jùlọ ni a ó rí bí a bá pín 220 sí mẹ́rin, tí a sì mú márùn-ún irú rẹ̀: 275. Mí ti kíbọ́ọ̀dù jẹ́ 277.18. Ìyàtọ̀ náà dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n inú ohùn kọ̀ọ̀kan ni àwọn ohùn tín-ín-rín mìíràn fara pamọ́ sí, tí wọ́n jẹ́ ìlọ́po rẹ̀. Ìlọ́po márùn-ún dóò jẹ́ 1,100, ìlọ́po mẹ́rin mí pípé náà sì jẹ́ 1,100. Wọ́n di ọ̀kan. Ìlọ́po mẹ́rin mí ti kíbọ́ọ̀dù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,109. Nítorí náà, wọ́n ń kọlu ara wọn ní nǹkan bí ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a gbọ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe dùùrù kò fi mí pípé sí i? Ẹ gbé mí pípé lé 220, ẹ ó dé 275. Ẹ sọ ìyẹn di dóò tuntun, ẹ ó dé 343.75. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó dé 429.69. Lórí dùùrù, ìgbésẹ̀ mẹ́ta yìí gbọdọ̀ gbé wa dé dóò òkè, tí í ṣe 440. Ó ku díẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Gbèsè ni èyí, ẹnìkan ni yóò sì san án.

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n kó gbèsè náà jọ sí ojú kan. Wọ́n fi mí pípé sí àwọn kíì tí wọ́n ń lò jù, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yòókù bàjẹ́. Ibì kan wà lójú dùùrù tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pè é ní ìkookò, nítorí pé ó ń hu. Ẹni tó ń kọ orin fún dùùrù nígbà náà kò gbọdọ̀ rìn débẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1722, J. S. Bach kó ìwé orin kan jọ tí ó kárí gbogbo kíì, mẹ́rìnlélógún. Ìtò ohùn tí ó gba irú orin bẹ́ẹ̀ ti tú ìkookò ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ọgbọọgba. Lẹ́yìn náà ni pínpín ọgbọọgba wá borí: gbogbo kíì ń san ìwọ̀n kan náà. Ìdí nìyí tí atẹdùùrù wa fi lè tẹ `Transpose` nígbà tí orin bá ga jù fún àwọn obìnrin, tí kò sì sí ohun tí yóò bàjẹ́ ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni sọ́fà tí akọrin wa ń kà. John Curwen tí ó tan sọ́fà kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí akọrin máa kọrin láìsí dùùrù, kí etí wọn lè wá ohùn pípé. Ní àwọn ọdún 1860, Hermann von Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, gbọ́ àwọn akọrin sọ́fà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì yìn wọ́n nítorí bí ohùn wọn ṣe pé. Sọ́fà yẹn àti dùùrù tí a pín lọ́gbọọgba ni wọ́n jọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. A bí wọn láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí kíbọ́ọ̀dù yín bá ní `Scale Tune`, ẹ lè dán an wò. Ẹ rẹ mí sílẹ̀ ní 14. Ẹ̀rọ náà ka 100 láti eyín dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Dóò, mí àti sòó yóò parọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ làá pẹ̀lú mí: ó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá rẹ làá náà sílẹ̀ ní 16, rèé àti làá ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìjà. Akọrin kò ní ìṣòro yìí, nítorí ó lè kọ rèé kan nísàlẹ̀ díẹ̀ ní ìlà yìí, kí ó sì gbé e sókè díẹ̀ ní ìlà tó kàn. Ojú kan ṣoṣo ni eyín dùùrù máa ń wà.