Olórí Tuntun ní Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́



Láti ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ wa yóò ní olórí tuntun. Àáfà tí ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 11 ti fi ipò náà sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Igbákejì rẹ̀, tí púpọ̀ nínú yín kàwé lábẹ́ rẹ̀, ni ìgbìmọ̀ yàn dípò.

A gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ ní kọ̀rọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni ó lé Àáfà lọ. Nítorí náà ni a kò ṣe fẹ́ kí ìkéde yìí kúrú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí Sàyídínà Úmárù ti ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí ó di kálífà ní ọdún 634, ó fi Abú Úbáyídà rọ́pò Kálídì ọmọ Wálídì gẹ́gẹ́ bí olórí ogun ní ilẹ̀ Ṣáámù. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí ibi tí lẹ́tà náà ti bá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ròyìn pé Abú Úbáyídà kò sọ ọ́ jáde títí ìjà tí ó wà nílẹ̀ fi parí, kí ọkàn àwọn ọmọ ogun má baà pín. Kálídì kò bínú lọ; ó ń jagun lábẹ́ ẹni tí ó gba ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó dé lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 638. Kálídì ta Áṣíátù ọmọ Kaísì lọ́rẹ 10,000 dírámù, Úmárù sì ní kí a bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn bóyá owó ara rẹ̀ ni tàbí owó ìlú. Ó ní ti òun ni. (Lójú tèmi, ìbéèrè ojú gbangba yẹn le púpọ̀.) Úmárù yọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀wé sí àwọn ìlú pé kì í ṣe ìbínú tàbí ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni ó fà á, àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́kẹ̀ lé Kálídì bí ẹni pé òun ni ó ń fúnni ní ìṣẹ́gun. Lẹ́tà tí ó kéde ìyọnípò náà ni ó sì wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ní tiwa, akápò àti àwọn àgbà méjì ti fi ìwé rìsíìtì Àáfà wé ìwé báńkì, ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì. Owó pé. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kejì nìkan ni a kò tíì rí. Ẹni tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ dá a padà.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ náà, olórí tuntun ni yóò máa buwọ́ lùwé, òun ni kí òbí máa bá sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹjọ́ ilé-kéwú tọ Àáfà lọ mọ́. Ṣùgbọ́n yóò máa wá ṣe tàfúsírù fún wa nínú oṣù Ràmàdáánì, ìjókòó rẹ̀ ní ìlà iwájú sì wà níbẹ̀ fún un.