Ta Ló Sọ Pé "Ilẹ̀ Wa"?

A kò fara mọ́ ọn kí akọ̀wé tẹ́tí sí ohùn ìpàdé tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó wá kọ ọ́ pé "àwọn ará Ìlobùú sọ báyìí, àwọn ará Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sọ báyìí." Ìlú kì í sọ̀rọ̀; èèyàn ló ń sọ̀rọ̀.

Ìlú méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 2025, ìjọba Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé de ibẹ̀. Ká ní ìpàdé àlàáfíà ń lọ, ẹnì kan wá ní, "Ilẹ̀ wa dé etí odò." Ohùn mìíràn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Àwa tá à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé "wa" kò ní ìtumọ̀ kan títí a ó fi mọ ẹni tó sọ ọ́. Bí a bá fi gbólóhùn náà fún ẹlòmíràn, ààlà ti ṣí nìyẹn. Ti "bẹ́ẹ̀ ni" tún le jù: ṣé alátakò ló gbà ni, àbí ará ilé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń gbè é lẹ́sẹ̀?

Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà yóò yanjú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ ibi tó dákẹ́ kúrò, ó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, ó ń wo àbùdá ohùn inú ègé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó àwọn tó jọra pọ̀. `SPEAKER_00` àti `SPEAKER_01` ló máa kọ síbẹ̀. Kò mọ orúkọ, kò mọ ìlú. Ibi tó ti ń kùnà jù ni ibi tí ẹni méjì ti jọ ń sọ̀rọ̀, àti ìdáhùn kúkúrú bíi "bẹ́ẹ̀ ni" wa yìí. Bí ó bá ṣi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ wákàtí kan, ìṣẹ́jú 6 nìyẹn. Odidi àdéhùn lè wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ àti ìlú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ lé e, kí a lè rí ohùn tí a ó fi wé tàwọn yòókù. Bí kọ̀ǹpútà bá ka olùsọ̀rọ̀ 8 níbi tí èèyàn 7 wà, ó ti pín ẹnì kan sí méjì nìyẹn, bóyá ẹni tó jìnnà sí ẹ̀rọ. Bí olùsọ̀rọ̀ kan bá ń bi ara rẹ̀ léèrè tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ti pa ẹni méjì pọ̀. Kí akọ̀wé padà gbọ́ gbogbo ìdáhùn kúkúrú fúnra rẹ̀.

Èyí tí kò bá dá a lójú, kó kọ ọ́ pé "a kò mọ ẹni tó sọ ọ́." Kí wọ́n sì kà á sí etí ìhà méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní èyí ti pọ̀ jù, kó sọ fún wa ẹni tí yóò lọ bá àwọn ará ìlú rẹ̀ pé òun ló gbà fún ọ̀tá, nígbà tí kò lanu rárá.