Lẹ́tà Kì Í Ṣe Orúkọ Dráìfù

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gba orí láptọ́ọ̀pù mọ́ ni pé kó lọ ra dráìfù ìta. Ìmọ̀ràn yẹn dáa, mi ò bá a jà. Ohun tí mo ń bá jà ni àṣà tó máa ń tẹ̀ lé e: a ó ki dráìfù bọ láptọ́ọ̀pù, a ó rí E:, láti ọjọ́ náà lọ a ó máa kọ E: sínú gbogbo iṣẹ́ wa bí ẹni pé orúkọ àbísọ dráìfù ni. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àga lásán ni, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé lè jókòó sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà LASU tó wà ní Ẹ̀pẹ́. C: rẹ̀ jẹ́ 256 GB, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó wá kó àkọsílẹ̀ bí omi ọ̀sà ṣe ń ga tó ń lọ sílẹ̀ sórí dráìfù ìta, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ ṣì wà lórí C:. Ohun tó kọ nìyí:

```
pd.read_csv(r"E:\osa.csv")
```

Nílé ní alẹ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó bá òun wo nǹkan lórí fílááṣì. Fílááṣì yìí ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì gba E:. Nígbà tí dráìfù dé, F: ló bá. Kóòdù tó ṣiṣẹ́ lálẹ́ àná wá ń sọ `FileNotFoundError`. Fáìlì kò sọnù o, dráìfù kò sì bàjẹ́. Àdírẹ́sì ló yí padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè fi gbogbo ọ̀sán wá kòkòrò kọ̀ǹpútà tí kò sí níbẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ Wíńdóòsì: ó máa ń gbìyànjú láti rántí lẹ́tà tó fún dráìfù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíì bá ti wà lórí lẹ́tà yẹn, kò ní lé e kúrò, òmíràn ni yóò fún ẹni tó dé lẹ́yìn. Ètò lẹ́tà yìí ti wà láti ayé DOS, nígbà tí A: àti B: jẹ́ ti flọ́pì, ìdí nìyẹn tí tiwa fi bẹ̀rẹ̀ láti C: títí di òní. Láti ìgbà Windows 2000 ni a ti ní ọ̀nà mìíràn, ìyẹn ni pé ká so dráìfù mọ́ fóldà òfìfo kan lórí C:. Ẹni tó bá ṣí fóldà náà, inú dráìfù ló wọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kóòdù láàárín wa máa sọ: pé kí ènìyàn má kọ àdírẹ́sì gbogbo, kó kọ èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kóòdù wà. Òótọ́ ni, èmi náà fara mọ́ ọn. Àmọ́ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ nìyí: irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ kò lè ré kọjá láti lẹ́tà kan sí òmíràn. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi `..` jáde láti C: kí ẹ já sí E:. Bí dráìfù bá wà nínú fóldà `C:\Ise\Data`, tí kóòdù sì wà nínú `C:\Ise\Koodu`, ọ̀nà ti là:

```
pd.read_csv(r"..\Data\osa.csv")
```

Èyí ló mú kí n gbà pé fóldà sàn ju lẹ́tà lọ. Àwọn kan ní kí a kàn yan lẹ́tà tó jìnnà bíi R: fún dráìfù, kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ `..` yìí rárá.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ ṣẹ̀dá `C:\Ise\Data`, ẹ má fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Wíńdóòsì pẹ̀lú X, kí ẹ yan Disk Management. Ẹ wá dráìfù ìta náà, kí ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Change Drive Letter and Paths, lẹ́yìn náà Add, kí ẹ wá mú Mount in the following empty NTFS folder. Ẹ tọ́ka sí fóldà yẹn, ó parí. C: tí fóldà wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ NTFS, ó sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, dráìfù ìta fúnra rẹ̀ lè jẹ́ exFAT, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kò ní láti yọ E: lọ́jọ́ kan náà. Dráìfù kan lè ní lẹ́tà kó tún ní fóldà, torí náà ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Ẹ ó mọ̀ pé ó ti mú: àwòrán fóldà náà á di ti dráìfù, Properties rẹ̀ á sì kọ Mounted Volume. Bí ẹ bá yọ dráìfù tí ẹ sì tún kì í padà, inú fóldà kan náà ló ń padà sí, ìbáà jẹ́ fílááṣì mẹ́wàá ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀: bí dráìfù kò bá sí níbẹ̀, fóldà náà kò ní ṣí, àṣìṣe ni yóò gbé jáde. Kóòdù yín kò ní máa rọra da fáìlì sórí C: láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ṣùgbọ́n fóldà yìí lè tan ènìyàn jẹ. Ó jọ fóldà lásán, ẹni tó bá pa fáìlì rẹ́ nínú rẹ̀, lórí dráìfù gan-an ló ti pa á rẹ́. Ẹ má sì pa fóldà náà fúnra rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ padà sí Disk Management kí ẹ lo Remove, tàbí kí ẹ kọ èyí nínú Command Prompt tó ní àṣẹ alábòójútó:

```
mountvol C:\Ise\Data /D
```

Ìsopọ̀ nìkan ni èyí ń tú, kì í fọwọ́ kan fáìlì. Ọ̀rọ̀ àyè náà wà níbẹ̀: bí ètò kan bá fẹ́ mọ iye àyè tó kù, ó lè wo ti C: kó sì ní kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dráìfù tó wà nínú fóldà ṣófo gbàgẹ̀dẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí kò dé ni kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín. Orí láptọ́ọ̀pù tí ẹ ti so ó ni ìsopọ̀ náà wà, kì í bá dráìfù rìn. Ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ìbáà jẹ́ Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, ní yunifásítì tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní LASPOTECH, ó ṣòro kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣẹ alábòójútó, bẹ́ẹ̀ sì ni láìsí i kò ṣeé ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ pé ibẹ̀ lòun ti máa ṣiṣẹ́, kó gbé kóòdù àti dáta sórí dráìfù pa pọ̀, nínú fóldà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti `C:\Ise`. `..\Data\osa.csv` kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lẹ́tà yòówù kí wọ́n fún un.