"Ẹ Kúulé" Kọ́ Ni "Ẹ Káàbọ̀": Ìkíni Lẹ́nu Ọmọdé Ìlọrin

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ti ilé ìwé dé, ó bá ìyá àgbà rẹ̀ lórí ìjókòó, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí ti ronú kí ó tó sọ̀rọ̀. Lójoojúmọ́ tí ó bá ti wọlé, "Káàbọ̀" ni ó ń gbọ́. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwọlé ni. Ó fi "ẹ" ọ̀wọ̀ ṣáájú rẹ̀, ó sì dá a padà fún àgbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi hàn án ni pé ìkíni wa ní ìhà méjì: ẹni tó dé ló ń sọ pé "Ẹ kúulé," ẹni tó wà nílé ló ń sọ pé "Káàbọ̀." Ọmọ kò lè rí ìhà kejì yìí bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe é lójú rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú agboolé, ọmọ máa ń gbọ́ ìyá rẹ̀ bí ó ti ń kí bàbá ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ bí ó ti ń wọlé tó sì ń kí àwọn tó bá nílé. Ìkíni tí a kò darí sí i ni ó ti kọ́ ìkíni. Lónìí, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé yàrá méjì sí mẹ́ta láàárín ìlú, àwọn àti ọmọ nìkan. Bàbá àti ìyá ń pe ara wọn ní "o", tàbí kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sí ọmọ, "o" náà ni. Níbo ni ọmọ yóò ti rí "ẹ" gbọ́? Ọmọ tó bá wo àgbà lójú tó ní "O káàárọ̀" kò rí ẹnikẹ́ni fín. Ó ń lo arọ́pò orúkọ kan ṣoṣo tí a fi lé e lọ́wọ́ ni.

Nítorí náà, pípàṣẹ fún ọmọ pé "Kí wọn!" kò tó. Kí bàbá tó bá ti ibi iṣẹ́ dé kí ìyàwó rẹ̀ sókè pé "Ẹ kúulé o," kí ìyàwó sì dáhùn pé "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú iṣẹ́," kódà bí ó bá jẹ́ pé "o" ni wọ́n ń lò fún ara wọn nígbà tí ọmọ kò sí ńlé. Bí a bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí a tan ohùn rẹ̀ síta kí ọmọ lè gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Bí ọmọ bá ṣì í, kí a má ṣe ṣàlàyé gígùn. Kí a kàn sọ èyí tó tọ́ fún un, kí ó tún un sọ, kí àgbà sì dá a lóhùn. Ìdáhùn àgbà ló ń fi hàn án pé ó ti bọ́ sí i.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ kíyè sí ni "kú". A máa ń kọ́ ọmọ ní "ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́, ẹ káalẹ́" bí orin. Nínú àwọn wọ̀nyí, fáwẹ̀lì ti pa ara wọn jẹ, ọmọ kò sì gbọ́ "kú" mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "káàárọ̀" jẹ́ létí rẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi lè wí i ní agogo méjì ọ̀sán. Ẹ tú u sílẹ̀ fún un: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti mú "ẹ kú", yóò rí i pé ohunkóhun tí àgbà bá ń ṣe tàbí tó bá ń bá yí lè tẹ̀ lé e.

Kí òbí mú un gba inú ọjà Ìpàta kọjá láti wò bí ó ti yé e. Kí ó bi í pé, "Kí ni màmá yẹn ń ṣe?" Ọmọ ní ó ń ta ata. "Báwo la ó ṣe kí wọn?" "Ẹ kú ọjà." Ẹni tó jókòó lásán ńkọ́? "Ẹ kú ìjókòó." Bí òjò bá ti ká wọn mọ́, "Ẹ kú òjò", nígbà ọyẹ́, "Ẹ kú ọyẹ́." Bí wọ́n bá kan onídìrí, òbí yóò sọ fún un pé tirẹ̀ yàtọ̀: "Ojú gbooro o," òun yóò sì dáhùn pé "Òòyà á yà á." Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ hun ìkíni kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, bí "Ẹ kú ata," ẹ má ṣe bínú sí i. Èmi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, inú mi a máa dùn sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó fi hàn pé òfin náà ti wọ̀ ọ́ lára. (Hausa pàápàá ń ṣe bákan náà: "sánù dá àìkì" tí a ń gbọ́ lẹ́nu wọn, "ẹ kú iṣẹ́" ni.)

Ní ilé ìwé, ìkíni àpapọ̀ ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Olùkọ́ wọlé, ogójì ọmọ dìde, wọ́n fa ohùn gùn-ùn: "Gúdù mọ́nìn sà." Bí a bá yí i sí "Ẹ káàárọ̀ sà," kò tíì yí padà rárá. Nínú ariwo bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí yóò mọ ọmọ tó ní "o". Kí olùkọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì láàárọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí i bó ti ń wọlé, kí ó dá a lóhùn pé, "Káàárọ̀, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" kí ọmọ sì ní, "A dúpẹ́." Bí àwọn ọmọ bá pọ̀, kí ó pín wọn sí ọjọ́ márùn-ún. Ní ti "sà" àti "mà", n kò rí ìdí tí a ó fi na ọmọ nítorí rẹ̀; "ẹ" ti ru ọ̀wọ̀ náà.

Kò yẹ kí a dúró de Àbújá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Èyí dùn mí, pàápàá nígbà tí mo bá rántí ohun tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí olùkọ́ má kí ọmọ ní Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdọ̀bálẹ̀ ni yóò dá ìjà sílẹ̀ ní ìlú bíi Ìlọrin. Àwọn aáfà kan gbà pé Ọlọ́run nìkan ni a ń forí balẹ̀ fún, ọ̀pọ̀ òbí sì ń kọ́ ọmọkùnrin wọn láti lóṣòó. Ní tèmi, ilé ìwé kò gbọdọ̀ fi ipá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nà sílẹ̀. Ẹnu ni kí ilé ìwé kọ́. Kí a fi ara sílẹ̀ fún ilé.

Ó ku àwa fúnra wa. Mo ti rí ọmọ àwọn tiwa tó lè wí "Àbọrú bọyè" geere lójú àlejò, tí àwọn àgbà sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó wọ ilé aládùúgbò, kò mọ "Ẹ kúulé." Àwọn ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a máa bi ọmọ bẹ́ẹ̀ kí a tó pàtẹ́wọ́ kò ju méjì lọ: ta ló dé, ta ló wà nílé?