Ẹni Tó Mọ Ìró Ẹ̀rọ Ló Lè Ṣọ́ Ọ



Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwọn tó wà láàárín wa tí ń mójú tó kọ̀ǹpútà, àti àwọn tí ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ bọ́ sí iṣẹ́ ààbò, ìyẹn iṣẹ́ ṣíṣọ́ kọ̀ǹpútà kí olè má baà wọ inú rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ láti ABD. Àwa kò fara mọ́ èyí. Awakọ̀ tó ti wa ọkọ̀ kan fún ọdún mẹ́wàá kò nílò ìwé kó tó mọ̀ pé ìró ẹ́ńjìnnì ti yí padà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ààbò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Andres Freund, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Microsoft, wà lára àwọn tí ń kọ PostgreSQL, ètò tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ààbò. Ó fẹ́ wọn bí PostgreSQL ṣe ń yára tó, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí òṣùwọ̀n náà lè péye. Ṣùgbọ́n ó rí i pé sshd, aṣọ́nà tí ń yẹ ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti ọ̀nà jíjìn wò, ń jẹ agbára ẹ̀rọ ju bó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn náà kò tilẹ̀ wọlé, nítorí orúkọ tí kò sí ni wọ́n ń dá. Ó wọn àkókò tí aṣọ́nà náà ń lò kí ẹ̀dà tuntun tó dé, àti lẹ́yìn tó dé:

```
real 0m0.299s
real 0m0.807s
```

Ìyàtọ̀ náà jẹ́ bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹlòmíràn ì bá gbójú fò ó. Freund mú irinṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé ètò fi ń wo ibi tí àkókò ń lọ, ó sì rí i pé inú liblzma ló ń lọ. Liblzma jẹ́ apá kan xz, ètò tí ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Kí ni afúnfáìlì ń wá lẹ́nu ọ̀nà? Ó fi ẹrù tí wọ́n dì fún aráyé wéra pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ́ síta gbangba, ó sì bá ohun kan nínú ẹrù tí kò sí níta. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan, tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọdún 2021 títí wọ́n fi fọkàn tán an, ló ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Freund kéde rẹ̀. Ẹ̀dà wọ̀nyí kò tíì dé inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́.

Ohun mẹ́ta ló ṣe: ó wọn, ó wá ibi tó ti ń wá, ó fi wéra. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun kì í ṣe olùwádìí ààbò. Ó kọ́kọ́ fi tó àwọn alámòójútó ààbò Debian létí ní ìkọ̀kọ̀ kó tó kéde. Irú èyí ni ó kù fún àwọn èèyàn wa láti kọ́: ẹni tí a ń sọ fún, ìgbà tí a ń sọ, àti bí olè ṣe ń ronú.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kí ẹ gba àṣẹ ọ̀gá ní kíkọ sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, lórí sáfà Debian tàbí Ubuntu tí ẹ ń tọ́jú, ẹ tẹ èyí:

```
sudo journalctl -u ssh | grep -E 'Accepted|Failed password'
```

Yóò fi àwọn tó wọlé àti àwọn tó gbìyànjú tí wọn kò wọlé hàn, àti àdírẹ́sì àti àkókò wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ mọ ẹni tí ń wọlé, ibi tó ti ń wá àti wákàtí tó ń wá. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìlà `Failed password` kó jìnnìjìnnì bá yín, nítorí ẹ̀rọ tó bá kọjú sí íńtánẹ́ẹ̀tì ń rí i lójoojúmọ́. Akankùn tí kò wọlé ni. Ṣùgbọ́n bí `Failed` ogójì bá wá láti àdírẹ́sì kan tí ẹ kò rí rí, tí `Accepted` kan sì tẹ̀ lé e láti ibẹ̀ ní aago méjì òru, ọ̀rọ̀ dé. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni orúkọ náà bóyá òun ni. Ó lè jẹ́ pé ó wà lójú ìrìn àjò. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ má pa ẹ̀rọ náà, ẹ má sì nu ohunkóhun kúrò, nítorí ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀ lè parẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà sí ibòmíràn, kí ẹ sì pe ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe èyí fún oṣù mẹ́fà, tó ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́, ti ń ṣe iṣẹ́ ààbò ná. Nígbà tí ààyè bá ṣí sílẹ̀, ìwé náà ni kó gbé síwájú ọ̀gá.