Lẹ́tà Kì í Ṣe Ẹkún

Ẹ̀yin ará wa, ta ló ní ẹkún la fi ń kọ lẹ́tà sí olùkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan kọ "Ẹ ṣàánú mi, sà" kún ojú ewé kan, kò tiẹ̀ dárúkọ ìbéèrè tó ń dùn ún. Mo ya á. Ohun tó yẹ kó kọ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ìbéèrè 3 wò: dy/dx = sin x cos x. Mo kọ y = −¼cos 2x + C; tiyín ni y = ½sin²x + C. ¼ péré ló wà láàárín wọn, C sì ti gbé e mì. Ẹ ṣeun, sà."

Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rí náà wà níbẹ̀. Àánú kọ́ là ń tọrọ; máàkì wa ni.