Ẹ Wọn Iná Kí Ẹ Tó Ra Sítábíláísà

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Ìbàdàn. Ó fẹ́ kí n ra páwà kọndíṣọ́nà ńlá kan ní Johannesburg kí n sì fi ránṣẹ́ sí òun, nítorí pé ámpílífáyà ìjọ wọn ti jó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà bá mi ra irú èyí tí wọ́n ń lò ní sítúdíò," ló wí. Mo sọ fún un pé n kò ní rà á. Kì í ṣe pé mo ń ṣahun. Ohun tó ń béèrè kò lè wo àìsàn tó ń ṣe iná Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí sítábíláísà tí èmi náà gbé wá láti ilé kò ṣe wo àìsàn iná ibi tí mò ń gbé.

Auckland Park ni mò ń gbé, àdúgbò tí SABC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Gúúsù Áfíríkà, wà, níbi tí tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kínní ọdún 1976. Mo ní yàrá kékeré kan tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀, sítábíláísà wà lára ẹrù mi, nítorí ọmọ Nàìjíríà wo ni yóò tan ámpílífáyà láìsí sítábíláísà nídìí rẹ̀? Ní ọdún 2023, nígbà tí pípín iná tí wọ́n ń pè ní lóòdù ṣẹ́dìn gbóná jù, iná a máa lọ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí iná bá wà, mítà mi kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín fóltì 224 sí 238. Sítábíláísà mi kò rí iṣẹ́ ṣe rárá. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn sípíkà mi kú, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, sítábíláísà náà sì wà nídìí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú tí iná bá dé ló léwu jù ní irú ibi báyìí. Gbogbo fìríìjì, ẹ̀rọ tó ń se omi gbígbóná àti bátìrì ínfátà tó wà ládùúgbò ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Fóltéèjì lè já wálẹ̀, kó tún fò sókè. Iná lè dé, kó lọ, kó tún dé kó tó fìdí múlẹ̀. Láàárín rúkèrúdò yẹn, iná lè ta sókè dé ẹgbẹ̀rún fóltì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo tí a pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pín iná níbí fi máa ń kìlọ̀ fún wa pé kí a yọ ẹ̀rọ wa lára iná kó tó dé.

Sítábíláísà kò lè dá irú ìtasókè bẹ́ẹ̀ dúró. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan wò, tìràńsífọ́mà kan lẹ máa rí, tí wọ́n yọ wáyà lára rẹ̀ ní ojú bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Rílèè ló ń yan ojú tí iná máa gbà jáde. Bí iná bá lọ sílẹ̀, rílèè á bọ́ sí ojú tó ń gbé e sókè. Bí ó bá pọ̀ jù, á bọ́ sí èyí tó ń sọ ọ́ kalẹ̀. "Tọ́, tọ́" tí ẹ máa ń gbọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ yìí dára fún iná tó ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtasókè tí mò ń wí ti kọjá kí rílèè tó mira. Èyí tó ń lo mọ́tò dípò rílèè lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tó ń gbé jáde tẹ́jú ju ti rílèè lọ.

Iṣẹ́ páwà kọndíṣọ́nà yàtọ̀ sí èyí. Fárísítọ̀ wà nínú rẹ̀, nǹkan rìbìtì pẹlẹbẹ tó fẹ́ dà bí owó ẹyọ. Bí iná bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, fárísítọ̀ á sùn jẹ́ẹ́. Bí iná bá ta sókè, á ṣí ọ̀nà fún un kó má baà dé inú ẹ̀rọ. Asẹ́ tún wà níbẹ̀ tó ń yọ ariwo tí fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ń tì sínú wáyà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í yí fóltéèjì padà. Bí 165 bá wọlé, 165 náà ni yóò jáde. Fárísítọ̀ sì máa ń gbó: gbogbo ìtasókè tó bá gbà ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, iná kékeré kan wà tí wọ́n kọ `PROTECTED` sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iná yẹn bá kú, ẹ̀rọ yín á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ààbò ti lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó.

Nítorí náà, dípò kí n fi kọndíṣọ́nà ránṣẹ́, mo ní kí àbúrò mi ra mítà tí oníṣẹ́ iná fi ń wọn fóltì, kó sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Láàárọ̀, ó ń rí bíi 215. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti tan nǹkan, ó ń rí 165. Ní agogo kan òru, nígbà tí àdúgbò bá ti sùn, ó rí 260 lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀, 230 ló yẹ kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ámpílífáyà tó ní tìràńsífọ́mà wúwo nínú. Bí iná tó wọlé bá dínkù, iná inú ámpílífáyà náà á dínkù ní ìwọ̀n kan náà, agbára tó lè gbé jáde á sì dínkù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi 230 pín 165, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.51. Ìyẹn ni pé ámpílífáyà 100 wáàtì ti di nǹkan bíi 51 wáàtì ní àkókò ìsọjí alẹ́ gan-an. Ẹni tó ń darí ohùn á rí i pé ohùn kò dé ẹ̀yìn, á gbé e sókè, orí ohùn á gé, ohùn á sì máa ha. Sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde ló máa ń kọ́kọ́ jó nínú irú èyí. Àmì mìíràn ni kí míksà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn "hùùù" nígbà tí gílóòbù bá ń pọ́n.

Ti òru ló ń pa ámpílífáyà fúnra rẹ̀. Ká ní iná inú rẹ̀ jẹ́ 45 fóltì ní 230, kàpásítọ̀ tí wọ́n fi sínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a kọ 50 fóltì sí lára. Ní 260, iná inú yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 51. Kàpásítọ̀ náà kò ní bú lọ́jọ́ kan náà. Á máa gbóná, orí rẹ̀ á wú, títí di òru ọjọ́ kan. Wọ́n sì máa ń fi ámpílífáyà ìjọ sílẹ̀ ní títàn lẹ́yìn ìsìn alẹ́. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tún un ṣe. Kàpásítọ̀ ló pààrọ̀ nígbà méjèèjì.

Àìsàn ti Ìbàdàn yìí ni sítábíláísà lè wò. Èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ kéré jù fún ẹrù tí wọ́n gbé lé e, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì parí sí 180. Mo ní kó wá èyí tí a kọ sí lára pé ó ń gba iná láti 140 sí 270, kí agbára rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ohun tí a kọ sára ámpílífáyà àti míksà lápapọ̀, nítorí bí iná tó ń wọlé bá ṣe kéré tó ni sítábíláísà ṣe ń làágùn tó. Kó gbé e jìnnà sí máìkì àti gìtá, torí tìràńsífọ́mà ńlá máa ń kùn sí wọn lára. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ìjọ kò sì nílò rẹ̀: `INPUT: 100-240V~ 50/60Hz` ni wọ́n kọ sí ṣájà rẹ̀, 165 kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo wà tí èmi àti òun jọ nílò: ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná bí ó bá kéré jù tàbí pọ̀ jù, tó sì ń dúró fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí iná bá dé kó tó gbà á wọlé. Òun ló ń bójú tó ewu tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, ìyẹn ni kí wáyà níútírà já ní òpópónà tàbí kí olè gé e. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ilé tí ẹrù rẹ̀ kéré lè gba iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 fóltì fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Sítábíláísà kò lè sọ ìyẹn kalẹ̀. Fárísítọ̀ á gbìyànjú, á sì jó. Kí á já iná náà pátápátá nìkan ló kù.

Ní Auckland Park, mo ti gbé sítábíláísà mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń já iná ló wà níbẹ̀ báyìí, fárísítọ̀ sì tẹ̀lé e. Ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ kan náà á ṣíwájú, sítábíláísà á tẹ̀lé e. Kọndíṣọ́nà tí àbúrò mi ń béèrè lè wá kẹ́yìn bí owó bá ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí wọ́n tó ri irin wáyà ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Asẹ́ inú kọndíṣọ́nà ń da ariwo sínú wáyà ilẹ̀ ni. Bí kò bá sí wáyà ilẹ̀, ara irin ẹ̀rọ náà ni yóò gba iná díẹ̀ náà, akọrin tó bá fẹnu kan máìkì á sì mọ̀ ọ́n lára.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gba owó tó ga lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ìpín A ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àdéhùn pé iná á wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Wákàtí ni ìpín náà ń kà, kò ka fóltì. Iná 165 fún wákàtí 20 ṣì pé ní ìṣirò yẹn. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kó má da ìwé tó kọ ìwọ̀n iná ọjọ́ méje sí nù. Òun ló fi yan sítábíláísà. Òun náà ni kó mú lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tà á ní iná.